Bí wọ́n ṣe fi mẹ́sééjì "báǹkì" kó owó Ìyá oníléèsì ní Gbági, tí wọ́n tún fi àláàtì irọ́ padà wá

Mo ń ṣe POS lẹ́bàá ọjà Gbági Tuntun n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sì ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan tó ń ta léèsì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Màmá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dárúkọ àwọn, mi ò sì gbọdọ̀ dárúkọ báǹkì àwọn, torí náà Ìyá oníléèsì ni màá máa pè wọ́n, báǹkì wọn á sì máa jẹ́ báǹkì lásán. Mo tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí èmi náà ti ṣe àṣìṣe, torí mo ṣe é, ó sì ná wọn lówó.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2024. Ẹ ó rántí àsìkò yẹn. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Disẹ́ńbà 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé àkáǹtì tí ò bá ní BVN tàbí NIN, tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2024, wọ́n máa tì í pa. Òótọ́ pọ́ńbélé ni àṣẹ yẹn, rédíò ń sọ ọ́, ẹnu báǹkì sì kún fún èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ mú ibí yìí dáadáa torí ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Àwọn ọmọ Yàhúù kì í ṣe wàhálà láti hùmọ̀ ìbẹ̀rù tuntun nígbà tí ìbẹ̀rù gidi bá wà nílẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú ti ń sọ náà ni wọ́n máa ń gùn. Màmá ti lọ so NIN tiwọn lóṣù kìíní, àmọ́ ọmọ tó dá wọn lóhùn ní báǹkì ní kí wọ́n padà wá wò ó tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjà ò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ. Ọkàn wọn ò kúkú balẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mẹ́sééjì wọlé. Báǹkì ti tìlẹ̀kùn, ó di Mọ́ńdè. Ohun tó wà níbẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì ni o, ni pé kọ́sítọ́mà wa ọ̀wọ́n, NIN rẹ ò tíì wọlé sórí BVN rẹ, a máa ti àkáǹtì rẹ lálẹ́ òní, tẹ líǹkì yìí kó o fi parí ẹ̀ kí agogo méje tó lù. Líǹkì wá wà nísàlẹ̀.

Ohun tó tan Màmá jù, wọ́n sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá, ni ibi tí mẹ́sééjì yẹn jókòó sí. Kì í ṣe nọ́ńbà àjèjì kankan ló fi wọlé. Orúkọ báǹkì wọn ló wà lórí ẹ̀, abẹ́ àwọn àláàtì gidi ló sì wà, èyí tó wà lókè ẹ̀ gan-an ni àláàtì 18,500 tí kọ́sítọ́mà kan san lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì ti rí owó yẹn lójú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé olè á wá bá mi wọ inú àpótí mi ni?" Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù ni kò mọ ìyàtọ̀. Orúkọ tó máa ń wà lórí mẹ́sééjì báǹkì kì í ṣe nọ́ńbà, lẹ́tà lásán ni, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń ta mẹ́sééjì tó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn náà la máa ń lò bí a bá fẹ́ pe èèyàn sí ìnáwó, wọ́n á bi ẹ́ pé orúkọ wo lo fẹ́ kó hàn, ìwọ lo máa kọ ọ́. Wọ́n máa ń dí orúkọ báǹkì pa fáwọn èèyàn lásán, àmọ́ ihò pọ̀ lára ọgbà náà. Tí mẹ́sééjì bá ti wá dé, orúkọ yẹn nìkan ni fóònù máa wò, tó bá ti bá tàtẹ̀yìnwá mu, á kó wọn pọ̀ sójú kan. Torí náà tí mẹ́sééjì bá wà láàárín àwọn gidi, ìyẹn ò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tó kọ ọ́.

Ohun méjì ló wà nínú mẹ́sééjì yẹn fúnra ẹ̀ tí Màmá ìbá ti rí. Àláàtì báǹkì wọn máa ń gbé nọ́ńbà àkáǹtì wá, á fi ìràwọ̀ bo àwọn tàárín, á sì fi tìparí hàn, èyí ò ní nọ́ńbà kankan, "kọ́sítọ́mà wa ọ̀wọ́n" ló pè wọ́n, torí ẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ní àkáǹtì níbẹ̀ àti ẹni tí ò ní. Ìkejì ni líǹkì. Mo ti yí orúkọ inú ẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má lọ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyí:

```
https://bankiwa.com.bvn-tuntun.xyz/login
```

Ojú Màmá lọ síbi `bankiwa.com`, wọ́n sì gbà pé ilé báǹkì ni. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ka líǹkì bíi ìwé, láti ọwọ́ òsì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mú wa. Ẹ wá ọ̀pá `/` àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn `https://`, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa padà sẹ́yìn lọ sápá òsì. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ máa kọ́kọ́ pàdé ni onílé, ìyẹn `bvn-tuntun.xyz`. Gbogbo èyí tó wà níwájú ẹ̀, onílé ló kọ ọ́ bó ṣe wù ú, bí ìgbà tí mo bá gbé pátákó "Ààfin" kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. (Tó bá jẹ́ pé `.com.ng` tàbí `.gov.ng` ló parí ẹ̀, ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta dípò méjì.) Ti kọ́kọ́rọ́ kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun ni ẹ̀rí. Ó kàn ń sọ pé ẹlòmíì ò lè máa yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ bó ṣe ń lọ lọ́nà ni, àmọ́ tó bá jẹ́ ọwọ́ olè ló ń lọ, ọwọ́ olè náà ló máa dé láìsí ìdíwọ́.

Màmá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ojú ìwé tó ṣí jọ ti báǹkì pátápátá, àwọ̀ ẹ̀, àmì ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n fi í. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù áàpù, wọ́n fi í. Ó béèrè nọ́ńbà tó wà lójú káàdì ATM àti píìnì ẹ̀. Wọ́n ní níbí yìí ọkàn àwọn sọ pé "píìnì kẹ̀?", nítorí wọ́n mọ̀ pé NIN ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú píìnì ATM, àmọ́ wọ́n wo aago, ó ti ń lọ sí agogo márùn-ún, kọ́sítọ́mà kan sì dúró tó ń ná ọjà lọ́wọ́. Wọ́n fi í.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń so NIN mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ojú ìwé yẹn. Èèyàn ló jókòó síbẹ̀ tó di fóònù mú, áàpù báǹkì gidi wà lórí ẹ̀, bí Màmá ṣe ń tẹ nǹkan níbí lòun náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù gidi lọ́hùn-ún. Ohun tó ń ṣe ni pé ó fẹ́ gbé àkáǹtì Màmá sórí fóònù tiẹ̀. Ó sì máa dé ibi tí ò ti lè nìkan lọ mọ́, torí báǹkì gidi máa fi OTP ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà Màmá. Ìdí nìyí tí ojú ìwé yẹn fi wá sọ pé kí wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n máa rí nọ́ńbà mẹ́fà gbà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbí.

Nọ́ńbà náà wọlé lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ báǹkì gidi. Mo ní kí Màmá gbé fóònù wá lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, mo kà á sókè fún wọn, mo sì tún un sọ ní Yorùbá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé OTP yìí wà fún fífi áàpù sórí fóònù tuntun, tí kì í bá ṣe ìwọ lò ń ṣe é, pe báǹkì, má fún ẹnikẹ́ni. Báǹkì ti sọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀! Ẹnu Màmá kàn là sílẹ̀. Wọn ò kà á. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn yọ lókè ojú fóònù bó ṣe máa ń yọ, wọ́n rí i, wọ́n há a sórí, wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́. Báwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, nọ́ńbà là ń wá, a kì í ka ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ìyókù yẹn ni báǹkì fi ń sọ ohun tí olè ń ṣe lọ́wọ́ lákòókò yẹn gan-an fún yín. Tí ẹ bá wà lórí ojú ìwé tó ní NIN lẹ ń so, tí OTP wá ń sọ̀rọ̀ fóònù tuntun, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró, owó ò tíì lọ síbì kankan nígbà yẹn. Tiwọn tún pé méjì, torí ojú ìwé yẹn ní àkọ́kọ́ ti ju àsìkò, kí wọ́n tẹ òmíì tó ń bọ̀. Èkejì yẹn, ti yíyí píìnì tí wọ́n fi ń tíránsífáà padà ni. Òun náà kọ ọ́ síbẹ̀.

Àláàtì àkọ́kọ́ wọlé ní agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, 100,000 náírà jáde. Màmá kọ́kọ́ rò pé báǹkì ló ń dán nǹkan wò. Ìgbà tí wọ́n tún un kà ni wọ́n ké, wọ́n sáré wá sọ́dọ̀ mi láìwọ bàtà.

Àṣìṣe tèmi rèé. Dípò kí n ti ilẹ̀kùn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Mo ní ta ló pè yín, kí lẹ tẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ wá bi mí, mo tiẹ̀ ń bínú. Mo ṣe ìyẹn fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú wa sì ni àláàtì kejì ṣe wọlé, 100,000 míì. Ìgbà yẹn lara mi tó bù máṣọ. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe lọ́yà yẹn, ẹni yẹn ń bá iṣẹ́ lọ.

Báǹkì wọn ní kóòdù tí èèyàn lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíì, tó bá ti tẹ nọ́ńbà fóònù tó so mọ́ àkáǹtì síbẹ̀, á ti àkáǹtì náà kówó má jáde mọ́. Báǹkì tó ní irú ẹ̀ pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kóòdù wọn, ẹ lọ wo tiyín nísinsìnyí tí ẹ ò tíì nílò ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Èmi mọ ti báǹkì wọn torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi, ó gbà. Lẹ́yìn ẹ̀ la wá pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM. Mo tẹnu mọ́ ẹ̀yìn káàdì torí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń wá nọ́ńbà báǹkì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní kó fi í sílẹ̀. Àwọn kan wà tó ń gbé nọ́ńbà ara wọn síbẹ̀ pé àwọn ni báǹkì, ẹni tí wọ́n ti jà lólè tó ń wá ìrànlọ́wọ́ kíákíá ni wọ́n ń dẹ síbẹ̀.

Ohun tí ọmọbìnrin tó gbé ìpè béèrè ò pọ̀: nọ́ńbà àkáǹtì, iye tó lọ, aago tó lọ, orúkọ tó wà níbi tí owó lọ. Gbogbo ẹ̀ wà nínú àláàtì. Ó ní òun ti yọ fóònù àjèjì yẹn kúrò lórí àkáǹtì, òun sì ti kọ̀wé sí àwọn tó ń rí sí jìbìtì ní ibi tí owó lọ, kí wọ́n di ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ mú. Ìdí tí aago fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Owó kì í pẹ́ níbi àkọ́kọ́, wọ́n á pín in sí àkáǹtì méjì mẹ́ta, wọ́n á lọ gbà á ní POS bíi tèmi yìí, ìyẹn máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Báǹkì sì lè di èyí tó bá wà nílẹ̀ mú, èyí tó bá ti di owó lọ́wọ́ èèyàn ti lọ nìyẹn.

Owó tó wà níbẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 743,200 náírà. 200,000 lọ, báǹkì gba owó tíránsífáà 53.75 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku 543,092.50. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, torí òun ló gbà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Sátidé, kọ́sítọ́mà kan tí ò mọ nǹkan kan san 36,000 sínú àkáǹtì yẹn. Wọ́n ti tì í kówó má jáde, àmọ́ owó ṣì ń wọlé. Báǹkì yọ 50 náírà ti ìjọba lára ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nígbà yẹn. Mọ́ńdè láàárọ̀, Màmá lọ sí báǹkì, wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n gba ìwé tó fi gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde hàn, wọ́n ká a sínú báàgì. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni 579,042.50.

Nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, mo rí Màmá tí wọ́n ń bọ̀, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu wọn, wọ́n di ọ̀rá dúdú mọ́ àyà. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, Ọlọ́run ti ṣe é, báǹkì ti dá owó yẹn padà o! Ẹ bá mi fi 100,000 yìí ránṣẹ́ síbí." Mo ní ránṣẹ́ sí ta ni, Mà? Wọ́n ní ọkùnrin kan láti báǹkì ló pe àwọn, ó ní 100,000 ló yẹ kí báǹkì kọ́kọ́ dá padà, ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àṣìṣe ni wọ́n fi san 200,000 lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn ò bá dá ìdajì ẹ̀ padà lónìí wọ́n máa lé òun níṣẹ́. Àánú ọmọ náà ṣe wọ́n. Àkáǹtì wọn wà ní títì, ó mọ̀, ìyẹn ló fi ní kí wọ́n lọ fi owó ọwọ́ san án ní POS.

Mo gba fóònù wọn. Àláàtì wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ orúkọ báǹkì, wọ́n kọ́ṣẹ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí torí ìràwọ̀ wà lára nọ́ńbà àkáǹtì, tìparí ẹ̀ sì jẹ́ ti Màmá gan-an. Ó ní `NGN200,000.00 CR` ti wọlé, ó wá ní gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì báyìí jẹ́ 743,092.50.

Mo ní kí Màmá mú ìwé àárọ̀ wá. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 579,042.50 ló wà níbẹ̀ láàárọ̀, tí 200,000 bá wọlé sí i, 779,000 ó lé díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Báwo ló ṣe wá di 743,092.50? Ẹ padà lọ wo nọ́ńbà tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: 543,092.50, ẹ fi 200,000 kún un. Ẹ rí i àbí? Ẹni tó kọ àláàtì yẹn mọ iye tó wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ dé orí kọ́bọ̀, torí òun ló gbé e, àmọ́ kò mọ̀ pé 36,000 wọlé ní Sátidé, àwa ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà yẹn. Àwọn olè ọjọ́ Jímọ̀ náà ló padà wá. Mo sọ ọ́ fún Màmá báyìí, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni yẹn tún ti fi rìsíìtì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láti fi gbè é lẹ́sẹ̀, rìsíìtì tó dán mọ́rán, déètì ọjọ́ náà wà lórí ẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù kejì. Mo wò ó débi `Session ID`. Àwa tá a ń ṣe POS mọ nǹkan yìí torí ìjà owó tí ò wọlé. Tí owó bá kúrò ní báǹkì kan lọ sí báǹkì míì, nọ́ńbà ọgbọ̀n ló máa ń ní. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti báǹkì tó fi ránṣẹ́, méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, méjìlá tó kù jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ti orí rìsíìtì yẹn nìyí, mo ti yí ti báǹkì àti ti ìparí padà:

```
000999 221114093205 481726350917
```

Èmi ni mo fi àyè sí i kí ẹ lè rí i. Ẹ ka ti àárín: 22 ni ọdún, 11 ni oṣù, 14 ni ọjọ́. Rìsíìtì oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni! Wọ́n mú ti àtijọ́, wọ́n yí orúkọ, iye owó àti déètì tó wà lókè, wọn ò rántí pé déètì míì wà nínú nọ́ńbà gbọọrọ yẹn. Ẹ má wá sọ pé tí Session ID bá ti bá déètì mu, owó ti wọlé o. Ọlọ́gbọ́n nínú wọn lè kọ èyí tó bá a mu, rìsíìtì gidi sì lè wà kówó má tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí tí ò bá déètì mu ló jẹ́ irọ́ láìsí àríyànjiyàn, èyí tó bá a mu, ẹ ṣì máa lọ wo inú àkáǹtì fúnra yín, nínú áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣí tàbí kóòdù tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀.

Èmi gan-an ti jẹ ẹ́ rí, kí n tó gbọ́n. Oṣù kejì 2023, nígbà tí náírà tuntun ò sí níta táwa oní-POS ń wá owó bí ẹni ń wá góòlù, ọkùnrin kan wá gba 15,000 lọ́wọ́ mi, àláàtì dún lórí fóònù mi, mo rí orúkọ báǹkì mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì áàpù ò sì lọ rárá lọ́jọ́ yẹn, mo kówó fún un. Alẹ́ ni mo tó mọ̀ pé nǹkan kan ò wọlé. Látìgbà yẹn, tí áàpù mi ò bá ṣí, owó mi ò jáde, kọ́sítọ́mà ì báà bú mi.

Ọkùnrin "báǹkì" yẹn tún pè bá a ṣe wà níbẹ̀. Màmá fi í sórí sípíkà. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, èmi lọmọ wọn, a fẹ́ san án, kí ẹ kàn bá wa wo àkáǹtì yẹn, èló ló wọlé síbẹ̀ ní Sátidé? Ó dákẹ́. Ó ní kí n má da òun láàmú, pé ìyẹn ò kan òun. Mo ní ó kàn yín, ṣebí ẹ wà níwájú kọ̀ǹpútà. Ó gé fóònù, nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́ látìgbà náà.

Ti owó tó lọ, 61,400 ni wọ́n rí dì mú níbi tí 100,000 kejì lọ. Àkọ́kọ́ ti tán pátápátá. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra láti kóòtù, kí 61,400 tó padà wọlé. Báǹkì ní àwọn ò ní san ìyókù torí Màmá fúnra wọn ló fi OTP sílẹ̀, ó sì dun Màmá gan-an torí wọ́n gbà pé báǹkì yẹ kó ṣọ́ orúkọ ara ẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Mo sọ fún wọn pé tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì ò yanjú ẹ̀sùn, èèyàn lè kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀ ní `cpd@cbn.gov.ng`, a sì kọ ọ́, wọ́n dá wa lóhùn pé wọ́n ti gbà á. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, 138,600 ò tíì padà.

Ọmọ Màmá fẹ́ pa àwọn mẹ́sééjì irọ́ méjèèjì yẹn rẹ́ lórí fóònù wọn, Màmá ní rárá. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ láàárín àwọn àláàtì gidi, ìyá oníṣòwò èyíkéyìí tó bá sì wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á ní, "Ó yá, mú èyí tó jẹ́ irọ́ nínú ẹ̀ fún mi."